Ẹyọ Mẹ́fà Péré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ní oṣù yìí a fẹ́ sọ fún yín bí a ṣe wá ohùn pẹ̀lẹ́ náà kiri fún ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, kí á tó lè fi ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ránṣẹ́ sí obìnrin kan tí a jọ jókòó ní kíláàsì, tí a kò sì fojú kàn mọ́ láti ọdún 1999. A ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí á tó kọ èyí. Orúkọ rẹ̀ gan-an kì í ṣe tiwa láti tẹ̀ sínú ìwé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní Rafíátù.

Ẹ má ṣe rò pé eré ọmọdé ni. Ẹni ọdún 45 ni wá. Ọdún kẹfà nìyí tí ìyá àwọn ọmọ wa ti fi ilé ayé sílẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń dàgbà, àkọ́bí ti lọ sí yunifásítì, ilé sì máa ń dákẹ́ lálẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ìró aago ara ògiri. Ẹni tó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá kọ kì í ṣe àwàdà lásán. Bí ó bá kọ ọ́ dáadáa, ilẹ̀kùn lè ṣí. Bí kò bá kọ ọ́ dáadáa, ilẹ̀kùn yóò tì, yóò sì ba ìrántí dídùn kan jẹ́ pẹ̀lú, èyí tí ó ti pa mọ́ láti ìgbà èwe láìsí àbàwọ́n kankan.

Ìrántí tiwa nìyí. Oṣù kẹfà ọdún 1999 ni, nígbà tí ìdánwò báàkì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àjàṣẹ́ mọ bí òjò oṣù kẹfà ṣe ń rọ̀. Ó ká wa mọ́ ẹnu ọ̀nà líìsè ní ìrọ̀lẹ́. Nínú gbogbo wa tí a dúró níbẹ̀, Rafíátù nìkan ló ní àgboòrùn, àgboòrùn dúdú kan tí ọ̀kan nínú àwọn irin rẹ̀ ti ṣẹ́. Ó bi wá pé níbo ni ilé wa wà. Jásìn ni ilé wa wà. Ṣùgbọ́n Wàndó ni òun ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni Wàndó àti Jásìn kò sí ní apá kan náà ní ìlú yìí. A dáhùn láìronú pé Wàndó ni àwa náà ń gbé. A jọ rìn dé ẹ̀bá ọjà Wàndó lábẹ́ àgboòrùn kan ṣoṣo. Nígbà tí ó yà sí àdúgbò wọn, a dúró díẹ̀, a yí padà, a sì fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà padà sí Jásìn nínú òjò.

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Faransé ni a máa ń bá ara wa sọ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ wa ṣì rántí sínyálì, ohun tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ yóò máa ṣọ́ ẹlòmíràn tí yóò ṣe àṣìṣe, kí ó lè bọ́ ọ fún un. Ìbẹ̀rù yẹn kò tíì tán lára wa bí a tilẹ̀ ti di ọmọ ọdún 19. Ṣùgbọ́n bí a ti kọjá ẹnu géètì, lábẹ́ àgboòrùn náà, Rafíátù bẹ̀rẹ̀ sí sọ Yorùbá, ó sì ń fi bàtà wa tó ti ya ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ìdánwò, ó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Kò sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa nígbà náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Kí á tó sọ bí a ṣe kọ̀wé sí i, ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ni a ti rí ìwọ̀n tí a fi wọn ọ̀rọ̀ wa. Kí ìwé kíkọ tó dé, àrokò ni àwọn Yorùbá fi máa ń ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ní ọdún 1885, Àlùfáà Gollmer, ọmọ Jámánì tó ti ṣe iṣẹ́ ìhìnrere ní Àgbádárìgì, ìlú tí omi ọ̀sà so pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́ wa yìí, tẹ ìwé jáde lórí irú àwọn iṣẹ́ tí a ń fi nǹkan jẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó ẹyọ ni a máa ń lò jù. Bí a bá so ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé. Iye ẹyọ náà tún ní ohùn tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí ọmọbìnrin kan lè fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ "fà" nínú ẹẹ́fà: ọkàn mi ń fà sí ọ, fà mí mọ́ra. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ ọ́ létí, ọmọbìnrin náà yóò dá ẹyọ mẹ́jọ padà. Ẹ ó gbọ́ "jọ" nínú ẹẹ́jọ: èrò wa jọra, ó bá mi lára mu.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti kéré tó. Ẹyọ mẹ́fà kò sọ pé kí ọmọbìnrin wá fẹ́ òun lọ́la. Kò ka ìyà tó ti jẹ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Kò yin ọmú, bẹ́ẹ̀ ni kò yin ìdí. Ohun kan ṣoṣo ló sọ, pé ọkàn ń fà, ó sì fi ìdáhùn sílẹ̀ fún ẹni tó gbà á. Bí ọmọbìnrin náà kò bá fẹ́, yóò fi ẹyọ náà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ojú máa tì ní gbangba. Ìwọ̀n tí a gbà lò nìyẹn: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ wúwo ju ẹyọ mẹ́fà lọ.

Ọ̀rẹ́ wa àtijọ́ kan tí a pàdé níbi ìsìnkú ló sọ fún wa pé Rafíátù ti padà wá sí Àjàṣẹ́, àti pé òun ní nọ́ńbà rẹ̀. Ọwọ́ wa ti ń yá láti gbà á. Ṣùgbọ́n a rántí pé nínú ìgbéyàwó àbáláyé, alárenà a máa wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mọ ohun tó wà nílé kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. A wá bẹ ọ̀rẹ́ wa pé kí ó bá wa ṣe alárenà, kí ó bi Rafíátù ní ohun méjì. Àkọ́kọ́, ṣé ó gbà kí a fún wa ní nọ́ńbà òun? Èkejì, ṣé ọkọ wà nílé? Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta: ó gbà, kò sì sí ọkọ nílé mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ká ní ó sọ pé ọkọ wà ni, ìkíni lásán ni ì bá kù fún wa láti kọ, a ó sì fi ọ̀rọ̀ àgboòrùn sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fo ibi yìí kọjá. Nọ́ńbà tí ẹlòmíràn fún yín láìjẹ́ kí ẹni tó ni í mọ̀, àjèjì ló sọ yín dà lójú rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ti jọ jẹun nínú àwo kan rí.

Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ fẹ́ tàn wá jẹ. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rẹ́ wa ti kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí náà ẹyọ òǹkà mẹ́jọ ni. Ẹ sì mọ̀ pé láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, òǹkà mẹ́wàá ni gbogbo nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́, 01 ni a sì fi kún iwájú ti àtijọ́. Ẹni tí kò bá fi í sí i yóò máa ránṣẹ́ sí afẹ́fẹ́, yóò sì rò pé wọ́n kọ òun ni. Nọ́ńbà tó ti pẹ́ tún lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí alárenà wa kọ́kọ́ pè é, kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀, kí á má baà lọ jẹ́wọ́ ìfẹ́ fún ẹni tí a kò mọ̀ rí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a kọ ọ́. Èyí àkọ́kọ́ kúrú gan-an: "Bọ̀ǹjúù. Ṣé o rántí mi?" A rò pé ìtìjú ló dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a tún un kà ní òwúrọ̀, a rí i pé ìdánwò ni a fẹ́ fún un. Bí kò bá rántí, ojú á tì í, ojú á sì ti àwa náà. Èyí tó burú jù ni pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn gáímáànù ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa mọ̀, tí wọn kì í dárúkọ ara wọn, tí wọn kì í sọ ibi tí wọ́n ti mọ èèyàn, tí wọn kàn máa ń da ìwọ̀ sómi kí wọ́n wo ẹja tí yóò gbé e. Obìnrin tó bá gbọ́n yóò pa irú rẹ̀ rẹ́ láìdáhùn.

Èkejì gùn bí ọ̀nà Kétu. Òru ni a kọ ọ́, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti sùn. A sọ ìtàn ayé wa láti ìgbà báàkì títí di òní. A sọ bí ìyàwó wa ṣe ṣàìsàn. A sọ pé àwa kò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, èyí tí kì í ṣe òtítọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún wà tí a kò rántí rẹ̀ rárá, tí inú wa sì dùn nílé wa. A tún fi gbólóhùn Faransé méjì yin ojú rẹ̀, irú èyí tí a máa ń fi máàkì kékeré sí bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá kọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ka á bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sí wa. Àánú ló kọ́kọ́ ṣe wá, lẹ́yìn náà ó wá rẹ̀ wá. Ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìbánikẹ́dùn, kí ó dúpẹ́, kí ó sì dáhùn sí ìfẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún ẹni tí kò rí láti ìgbà ọmọdé. Ẹyọ mẹ́fà kọ́ nìyẹn. Àpò ẹyọ ni, a sì fẹ́ gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Ohun tó dá wa dúró jù ni bí a ó ṣe pè é. Ní Faransé, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹni ni "tu", kò sí wàhálà níbẹ̀. Ní Yorùbá, "o" ni a máa ń pe ara wa, ṣùgbọ́n ó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, àwọn èèyàn sì ń kúnlẹ̀ kí i. Bí a bá kọ "ẹ", a ti sọ ọ́ di ìyá ìyàwó wa, eré sì ti tán. Bí a bá pè é ní oríkì rẹ̀, tí a gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, a ti wọ inú yàrá láìkàn ilẹ̀kùn, nítorí ẹni tó bá ń fi oríkì pe obìnrin ti di ẹni ilé rẹ̀. A wá fẹnu kò pẹ̀lú ara wa pé orúkọ tí olùkọ́ fi ń pè é nínú kíláàsì ni a ó lò, "o" ni a ó sì pè é, bí a ṣe ń pè é nígbà náà. Yorùbá ni a ó fi kọ ọ́, nítorí Yorùbá ni ó sọ lábẹ́ àgboòrùn. Ká ní ó ti fi kíláàsì méjì ṣáájú wa ni, tí a sì ń pè é ní "ẹ" láti ìgbà náà, "ẹ" náà ni a ó dúró lé, àwàdà ni a ó fi tú u lára.

Èyí tí a fi ránṣẹ́ nìyí. Orúkọ wa ní kíkún wà nínú rẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè wá ní kíláàsì ni a fi rọ́pò rẹ̀ níhìn-ín.

"Rafíátù, o kú ọjọ́ mẹ́ta, bí ọjọ́ mẹ́ta náà tilẹ̀ ti ń lọ sí ọdún 26. Èmi ni, Oníkọ́ńpà, ti ìjókòó kẹta lẹ́bàá fèrèsé. Ọ̀rẹ́ wa tó máa ń lu ìlù lórí tábìlì ló fún mi ní nọ́ńbà rẹ lẹ́yìn tí o gbà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́: ilé wa kò sí ní Wàndó rí. Jásìn ni. Lọ́jọ́ tí o fi àgboòrùn sìn mí dé ẹ̀bá ọjà, ẹsẹ̀ ni mo fi padà nínú òjò, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín lọ bí ẹni tó ti gba báàkì. Ká ní òjò ṣú lónìí, irọ́ yẹn náà ni n ó tún pa. Bí o bá fẹ́ bá mi wí, mo wà ní ìkúnlẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá sì dí, ìkíni yìí náà ti tó."

Ẹ jẹ́ kí á tú u wò díẹ̀. A sọ ẹni tí a jẹ́ àti ọ̀nà tí a gbà rí i kí á tó ṣeré kankan, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ láti gbádùn eré náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrántí kan ṣoṣo ni a mú, a kò mú méjì. Ó jẹ́ ohun tí gáímáànù kò lè mọ̀, ohun tuntun sì wà nínú rẹ̀ fún òun pàápàá. Ẹni tí a bá sọ fún pé "o rẹwà nígbà náà" yóò ní "ẹ ṣeun", ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá jẹ́wọ́ irọ́ àtijọ́ fún ní ohun tó lè fèsì sí: ó lè bínú, ó lè rẹ́rìn-ín, ó lè ní òun kò gbà. Ẹ tún kíyè sí i pé àwa ni a fi ara wa rẹ́rìn-ín, a kò fi òun rẹ́rìn-ín, a kò sì mẹ́nu kan ara rẹ̀. Ẹlẹ́nu dídùn tó bá kọ́kọ́ yin ara obìnrin tí kò rí láti ọdún 1999, àwòrán tó wà lórí fóònù ló ń yìn.

Gbólóhùn tó ru ẹyọ mẹ́fà náà ni èyí tó sọ pé irọ́ yẹn náà ni a ó tún pa. Ìtàn àtijọ́ ni gbogbo èyí tó kù, ṣùgbọ́n ti òní ni ìyẹn. Ó sọ pé ọkàn ṣì ń fà, láìsọ pé ìfẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ yóò gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè ṣe bí ẹni pé àwàdà lásán ni, kò sì ní já irọ́. Bí ẹ bá yọ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn kúrò, tí ẹ sì yí ìjẹ́wọ́ náà padà sí ìkíni, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ tó kù ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ọkọ tàbí aya nílé láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn ní tirẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ kí ó lè bá ibẹ̀ jáde. A kò bèèrè ìbéèrè kankan, nítorí ìbéèrè a máa fa èèyàn láṣọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kejì ni a fi í ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ní aago márùn-ún. A yẹra fún òru, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá wọlé lóru ti ní ìtumọ̀ kí a tó kà á. A yẹra fún àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí yóò kà á lórí sẹ́ẹ̀mì kí ó sì gbàgbé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ẹni tó bá ní òun yóò tètè pa á rẹ́ lẹ́yìn tí ó ti lọ, kí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ náà yóò fi àmì sílẹ̀ pé a ti pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀, ìyẹn sì burú ju ọ̀rọ̀ tí a pa rẹ́ lọ.

Àmì méjì náà di aláwọ̀ búlúù kí ó tó di aago mẹ́fà. Ó ti kà á. Ìdáhùn kò wá. Ọjọ́ Àìkú kọjá, kò wá. A fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, a ti tẹ "Ṣé o rí i?" tán, ìka wa sì ti wà lórí ibi tí a ń tẹ̀ kí ó lọ. Ọmọ wa obìnrin, ẹni ọdún 17, ló kọjá lẹ́yìn wa, tó sì béèrè pé kí ló dé tí bàbá ń làágùn. A pa á rẹ́. A ti sọ pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí, ìkíni náà ti tó. Bí a bá tún kọ èkejì, irọ́ kejì nìyẹn, kò sì ní dùn bíi ti Wàndó. Ẹni tó fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ kì í sáré tẹ̀ lé ońṣẹ́ lọ sílé ọmọbìnrin.

Bí ó bá jẹ́ pé "Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ o" ni ìdáhùn tó wá, a ó ti mọ̀. Ẹni tí a pè ní "o" tó sì fi "ẹ" dá wa lóhùn ti rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ọ̀wọ̀ tì í. Kò yẹ kí á kàn án mọ́. Bákan náà ni bí kò bá sí ìdáhùn rárá. Ìdákẹ́jẹ́ náà jẹ́ èsì, bí ẹyọ tí wọn kò dá padà.

Ọjọ́ Ajé, ní kété tí a jáde kúrò nínú kíláàsì, fóònù gbọ̀n nínú àpò wa. Ó gbà pé kí á tẹ èyí náà jáde:

"Oníkọ́ńpà, ọdún 26 lo pè ní ọjọ́ mẹ́ta? Ta ló kọ́ ọ ní ìṣirò? Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ò ń purọ́. Jásìn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé, mo sì ti rí ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé yín níbi tí o ti ń fọ aṣọ. Ta lo rò pé ó ń rọra rìn lọ́jọ́ yẹn kí ọ̀nà lè jìn? Èjìká mi òsì tutù nini nítorí rẹ. Ìgbà wo lo máa san gbèsè àgboòrùn?"

A jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́. Láti ọjọ́ yìí wá, àṣírí wa ni a rò pé a pa mọ́, àṣé òun náà pa tirẹ̀ mọ́. A ka ẹyọ náà, wọ́n pé mẹ́jọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ti ojú ewé yìí. Rafíátù ti ka gbogbo èyí kí á tó fi í lé àwọn olóòtú lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo ni kò sì fọwọ́ sí: ó ní àgboòrùn náà kì í ṣe dúdú, búlúù ni, àti pé irin rẹ̀ kankan kò ṣẹ́. A fi í sílẹ̀ bí àwa ṣe rántí rẹ̀. Òjò oṣù kẹfà ti ń bọ̀ lọ́nà, a ó sì yanjú ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀.